Ẹni Tó Ń Ka Etí Ajá

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Malachy Tuohy fi ka etí ajá. Iṣẹ́ tó ṣe jẹun nìyẹn, ní pápá ìje ajá ìlú kékeré kan ní Tipperary. Kò sí ajá tó ń wọ àpótí ìbẹ̀rẹ̀ ìje láìgba iwájú Malachy kọjá. Á ṣí etí ajá, á tan tọ́ọ̀ṣì sí i, á ka nọ́mbà tí wọ́n fín síbẹ̀. Á wo àwọ̀ èékánná, láti ẹsẹ̀ kan dé ìkejì. Á wá àpá, á wá funfun igbáàyà, á sì fi gbogbo ẹ̀ wé ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìdánimọ̀ ajá náà. Ìdí ni pé àwọn èèyàn wà tí wọ́n ń fi orúkọ ajá tó lọ́ra gbé ajá tó yára wá, kí wọ́n lè rí owó gidi lára àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́. Malachy ti mú irú wọn lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ti mú ajá tí wọ́n fi àwọ̀ bàtà kun èékánná ẹ̀. Ó ti mú àlùfáà kan pẹ̀lú.

Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Nígbà tí Malachy fi máa fẹ̀yìn tì, kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. Tí Concepta ìyàwó ẹ̀ bá sọ pé òjò ń rọ̀, á jáde lọ na ọwọ́. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, mo sì lè búra pé kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ pé irọ́ ló bá ṣiṣẹ́ pẹ́ jù ni.

Ohun kan ṣoṣo tó gbé kúrò ní pápá ìje ni Tansy. Abo ajá asáré ni, dúdú aláwọ̀ eérú, gíga, kìlógíráàmù mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tó ṣubú ní kọ́nà kẹta, tí egungun kékeré ẹ̀yìn oríkèé ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú ẹ̀ ṣẹ́. Malachy fúnra ẹ̀ ló gbé e kúrò lórí iyanrìn, àtàńpàkò ẹ̀ lórí egungun náà. Ẹni tó ni ín ò fẹ́ ẹ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ọdún márùn-ún rèé tí Tansy ti ń sùn lórí àga gígùn wọn, tó ń jẹ ìdí búrẹ́dì tí Concepta bá yan, tó sì ń gba ibi tó yẹ kí Malachy jókòó sí.

Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Tansy bẹ̀rẹ̀ sí í tiro.

Malachy fọwọ́ tọ́ ẹsẹ̀ náà wò láti èjìká dé èékánná, bí àwọn èèyàn pápá ìje ti ń ṣe é. Ó rí ibi tó gbóná díẹ̀ lókè oríkèé. Ọgbẹ́ àtijọ́ ni, ó dá a lójú. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ àtijọ́ kì í dédé jí. Ẹnì kan ló jí i. Ta ni? Fintan Looby ni, aládùúgbò tó ń sin adìẹ ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà, tí Malachy dá ajá ẹ̀ padà lẹ́nu ìje nígbà kan nítorí èékánná kan tó yẹ kó funfun tó wá dúdú.

Ó lọ bá Fintan lẹ́nu géètì.

"Fintan, kí lo fi lu ajá mi?"

"Ajá ẹ wo?" Fintan gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì oúnjẹ adìẹ sílẹ̀. "Tansy? Tansy tó ti pa adìẹ mi mẹ́ta jẹ, tí mi ò sì tíì bá ẹ sọ ọ́? Èmi ni màá wá lù ú?"

"Ó ń tiro."

"Èmi náà ń tiro, Malachy. Ta ló lu èmi?"

Malachy padà sílé, ó sì sọ fún Concepta pé ẹni tí ọkàn ẹ̀ mọ́ kì í fi ọ̀rọ̀ dáhùn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Concepta ní tí Fintan bá ti dákẹ́, ìyẹn náà ì bá jẹ́ ẹ̀rí. Ó ti fẹ́ ọkùnrin yìí fún ogójì ọdún.

Concepta ló fipá mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ailish Kiely lorúkọ ẹ̀, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò dókítà àgbà tó fẹ̀yìn tì. Ó tẹ ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, Tansy fa ẹsẹ̀ ẹ̀ padà. Ó fún wọn ní oògùn ìrora fún ọjọ́ mẹ́wàá, pé kí wọ́n máa fún un lẹ́yìn oúnjẹ. Tí kò bá yàtọ̀, ó ní àfi kí òun ya fọ́tò egungun náà.

Malachy gba oògùn, ó dúpẹ́, ó sì lọ kó o sẹ́yìn agolo tíì tó wà lórí pẹpẹ. Kò fún un ní ẹyọ kan.

Ẹni tí kò bá ti ṣiṣẹ́ ní pápá ìje á rò pé ìkà ni. Kì í ṣe ìkà. Lọ́dọ̀ àwọn èèyàn Malachy, ẹni tó bá fún ajá arọ ní oògùn ìrora, olè ni. Ó ń bo ẹsẹ̀ tó bàjẹ́ mọ́lẹ̀ kí àwọn tó ń yẹ ajá wò má lè rí i ni. Ẹsẹ̀ tí wọn ò fi oògùn bò nìkan ló ń sọ òótọ́. Malachy fẹ́ rí òótọ́ ẹsẹ̀ yẹn lójoojúmọ́, bóyá ó ń dín kù tàbí ó ń pọ̀ sí i. Àti pé, kí n má parọ́, ó tún ń fura sí Tansy fúnra ẹ̀. Ajá asáré ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni. Òmíì wà tó máa ń pariwo bí ẹni tí wọ́n ń pa nítorí abẹ́rẹ́ kékeré. Láti ìgbà tí Tansy ti ń tiro ni Concepta ti ń bu ẹran adìẹ fún un.

"Ó mọ ohun tó ń ṣe," Malachy ní. "Wò ó bó ṣe ń wò ẹ́. Ẹran ló ń wá."

Tansy kò dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ mọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó ń ká ẹsẹ̀ sábẹ́ jókòó, orí ẹ̀ nílẹ̀, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ nínú ilé tí kò gbóná. Malachy rí i. Ó rí gbogbo nǹkan, òun kọ́ ni kò ní rí i. Ìtumọ̀ tó fún un ló ṣì.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, ibi tó gbóná yẹn ti wú, ó sì le bí òkúta. Wọ́n gbé e padà sọ́dọ̀ Dókítà Kiely.

"Oògùn yẹn ò ràn án?" dókítà bi wọ́n.

"Kò ràn án rárá," Malachy dáhùn. Concepta wo ojú ẹ̀, ó sì di báàgì ẹ̀ mú.

Dókítà fún Tansy ní abẹ́rẹ́ oorun, ó sì gbé e lọ sí yàrá inú láti ya fọ́tò. Àwọn tọkọtaya jókòó síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó gbé ológbò. Yàrá yẹn bí Malachy nínú. Ìlẹ̀kùn ẹ̀ tì, kò rí ohun tí wọ́n ń ṣe. Ní pápá ìje, wọn ì bá má gbé ajá gba ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn tó tì láìjẹ́ pé òun wà níbẹ̀.

Nígbà tí dókítà pè wọ́n wọlé, fọ́tò náà ti wà lójú ẹ̀rọ. Ojú dókítà kò dára.

"Ọ̀gbẹ́ni Tuohy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Mo lè dúró."

"Ó dáa. Ẹ wo ibí yìí, ìsàlẹ̀ egungun ẹsẹ̀ iwájú, lókè oríkèé. Egungun tó dára, etí ẹ̀ máa ń gún, ó sì máa ń funfun. Eléyìí ti rí bí igi tí kòkòrò jẹ. Ẹ ò sì lè sọ ibi tí èyí tó bàjẹ́ parí sí, tí èyí tó dára ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Egungun tuntun tí kò létò ló ń hù jáde wọnú ẹran, bí ìtànṣán oòrùn. Níbí, awọ tó bo egungun ti gbéra, ó ya igun bí òrùlé."

"Àrùn oríkèé ni," Malachy ní. "Ọgbẹ́ àtijọ́."

"Mo mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ máa rò nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo oríkèé náà. Àrùn oríkèé máa ń ba egungun méjèèjì tó kojú síra jẹ́. Eléyìí dúró lókè, kò sọdá. Ohun tó ń jẹ egungun báyìí, tó ń kọ́ ọ bó ṣe ń jẹ ẹ́, tí kì í sábà sọdá oríkèé, tó sì fẹ́ràn ajá gíga…" Ó mí kanlẹ̀. "Mo rò pé jẹjẹrẹ egungun ni. Mo máa fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò kó lè dá wa lójú."

Concepta fọwọ́ bo ẹnu. Malachy kò tiẹ̀ fẹsẹ̀ kan kúrò níbi tó dúró sí.

"Ajá ta ni yìí?" ó bèèrè.

"Ẹ má bínú?"

"Mo ní, ajá ta ni ẹ̀rọ yìí ya? Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ yà á."

"Malachy!" Concepta fa aṣọ ẹ̀.

"Orúkọ Tansy ló wà lókè fọ́tò, Ọ̀gbẹ́ni Tuohy."

"Orúkọ? Ọmọ mi, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ń kọ orúkọ síwájú mi. Orúkọ ò ṣòroó kọ."

Etí dókítà pọ́n, ṣùgbọ́n kò bínú síta. Ó sún àga ẹ̀ sẹ́yìn. "Ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín," ó ní.

Malachy yọ gíláàsì ojú ẹ̀, ó nù ún, ó sì fi imú sún mọ́ fọ́tò bó ti máa ń sún mọ́ etí ajá. Ohun tó ń wá ni ẹ̀rí pé ajá mìíràn ni, inú ẹ̀ sì ti ń dùn bí ẹni tó fẹ́ mú olè. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó gun òkè díẹ̀díẹ̀. Ó dé ẹ̀yìn oríkèé.

Egungun kékeré kan wà níbẹ̀. Etí ẹ̀ kan ti ṣẹ́ rí, ó sì ti so padà ní wíwọ́, bí etí ife tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe bá lẹ̀ padà. Kọ́nà kẹta. Iyanrìn tútù. Àtàńpàkò òun lórí ẹ̀.

Ó fi ìka kàn án lójú ẹ̀rọ.

"Òun ni," Malachy ní.

Àìsàn Tansy ti dá a lójú ṣáájú kí abẹ́rẹ́ àyẹ̀wò tó wọlé. Ọgbẹ́ tó fi ń ṣe àwíjàre ló jẹ́rìí lòdì sí i. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, ohun tó sì fi gbogbo ọ̀sẹ̀ ṣe nìyẹn.

Dókítà ní òun ti ya fọ́tò àyà pẹ̀lú, ní apá mẹ́ta, òun kò sì rí nǹkan nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ tàn wọ́n: àrùn yìí sábà máa ń ti débẹ̀, ó kéré ju ohun tí fọ́tò lè mú ni.

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù lónìí ni ìrora ẹ̀," ó ní. "Tí oògùn ọjọ́ mẹ́sàn-án ò bá ràn án rárá, a jẹ́ pé…"

Concepta ṣí báàgì ẹ̀. Ó gbé páálí oògùn náà lé orí tábìlì. Kò sí ẹyọ kan tó kúrò nínú ẹ̀.

"Ẹ̀yìn agolo tíì ni mo ti rí i láàárọ̀ yìí," ó ní. "Malachy, o máa sọ fún un, àbí kí n sọ ọ́?"

Malachy sọ ọ́. Ó sọ nípa àwọn tó ń fi oògùn bo ẹsẹ̀ ajá, nípa bó ṣe fẹ́ rí òótọ́ ẹsẹ̀ náà. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ ni ohùn ẹ̀ ń lọ sílẹ̀, torí pé òun náà ń gbọ́ ara ẹ̀.

Dókítà sún páálí náà síwájú ẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni Tuohy," ó ní, "Tansy ò sáré ìje mọ́."

Lẹ́yìn náà ló wá sọ nípa gígé ẹsẹ̀. Malachy fò sókè.

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́! Ṣebí ìwọ lo sọ pé ó ti wà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Kí wá ni a fẹ́ gé ẹsẹ̀ fún?"

"Ẹ̀dọ̀fóró ò dùn ún lónìí. Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún." Dókítà sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Tá a bá dá ẹsẹ̀ sí, màá to oògùn méjì, mẹ́ta pọ̀ fún un. Kò ní sáré, kò ní fò sórí àga, torí egungun yẹn lè ṣẹ́ lọ́jọ́kọ́jọ́. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni, tàbí oṣù méjì. Ọjọ́ tí oògùn ò bá kápá ẹ̀ mọ́, a máa jẹ́ kó sùn lọ. Tá a bá gé e, ìrora yẹn lọ. Gígé nìkan, nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí márùn-ún. Tá a bá fi oògùn jẹjẹrẹ kún un, nǹkan bí oṣù mẹ́wàá sí ọdún kan ni ìdajì wọn ń rí. Díẹ̀ ló ń pé ọdún méjì. Mi ò ní sọ fún yín pé ó máa wò ó sàn."

"Ajá asáré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta," Malachy ní.

"Ó dá lórí mẹ́ta tó kù. Tí ìbàdí tàbí ẹ̀yìn ẹ̀ bá ti bàjẹ́, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti gé e. Mo ti wò ó, àmọ́ ọwọ́ yín gbó jù tèmi lọ. Tó bá jí dáadáa, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bẹ́ ẹ ti ń ṣe ní pápá ìje."

N kò mọ̀ bóyá ọgbọ́n ni dókítà ta, tàbí òótọ́ inú ẹ̀ ló sọ. Malachy pàápàá fura. Síbẹ̀, nígbà tí Tansy jí, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù náà, ó na ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ká wọn, ó tẹ ìbàdí, ó fi àtàńpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹ̀ láti ọrùn dé ìrù. Kò rí àbùkù kan. Ó wá á dáadáa.

"Wọ́n mọ́," ó ní.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Malachy fúnra ẹ̀ ló fi oògùn sínú ẹja sadíìnì fún Tansy lẹ́yìn oúnjẹ. Nígbà tó máa fi sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, Tansy ti nà gbalaja sí ẹ̀gbẹ́ lórí ẹní, ọrùn nínà, ó ń hanrun. Ó ti lé lọ́sẹ̀ kan tí kò ti sùn bẹ́ẹ̀. Malachy jókòó sórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìtìjú sì mú un débi pé kò lè wọ ìkejì. Ibẹ̀ ni Concepta bá a.

"Ajá tí mo yẹ̀ wò ò lóǹkà," ó ní. "Gbogbo èèyàn tó mú wọn wá ló ń parọ́ fún mi. Èyí nìkan ló sọ òótọ́, èyí nìkan ni mo wá pè lópùrọ́."

Concepta jókòó tì í. "Sún sọ́hùn-ún," ló kàn sọ.

Èsì abẹ́rẹ́ dé ní ọjọ́ kẹrin: jẹjẹrẹ egungun ni lóòótọ́. Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ, Malachy mú ìwé ìdánimọ̀ Tansy dání. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ajá náà títí Dókítà Kiely fi ṣí etí ẹ̀ méjèèjì, tó sì ka nọ́mbà wọn jáde. Ó fi bírò pupa kọ "ÈYÍ" sí ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú, ó sì kọ "KÌ Í ṢE ÈYÍ" sí mẹ́ta tó kù. Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú ẹ̀, ṣùgbọ́n kò pa á rẹ́. Wọ́n yọ ẹsẹ̀ náà tòun ti egungun èjìká. Ẹ̀jẹ̀ ajá asáré máa ń ṣe ségesège ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta lẹ́yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọ́n fún un ní oògùn tí kò ní jẹ́ kó ya, wọ́n sì dá a dúró títí ewu fi kọjá. Àwọn oògùn ìrora tó gbé wálé, Malachy lẹ àkókò wọn mọ́ ara ògiri, kò sì dúró kí Tansy kọ́kọ́ sunkún.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti ń fò kiri ilé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sáré yí pápá tó wà lẹ́yìn ilé po, ẹsẹ̀ mẹ́ta, etí sẹ́yìn, Malachy sì ń pariwo bí ẹni tó ta tẹ́tẹ́ lé e. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ńlá ní Dublin ní ẹ̀ẹ̀mẹrin fún oògùn jẹjẹrẹ. Ní oṣù kẹta, ó pa adìẹ Fintan kan. Malachy lọ tọrọ àforíjì, fún adìẹ àti fún ọ̀rọ̀ ìjọ́sí.

"Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló fi mú un?" Fintan bèèrè.

"Ẹsẹ̀ mẹ́ta."

"A jẹ́ pé adìẹ yẹn ló yẹ kí wọ́n wò," Fintan ní, ó sì fún un ní ẹyin mẹ́fà.

Gbogbo ìgbà tí Tansy bá dé ọ̀dọ̀ dókítà ni ọmọbìnrin náà ń ṣí etí ẹ̀ kó tó ṣe ohunkóhun, á ka nọ́mbà náà jáde sókè, Malachy á sì máa fi ìka tẹ̀lé e nínú ìwé, á ní, "Ó pé." Ó di àṣà láàárín wọn. Bí wọ́n ṣe ń kíra wọn nìyẹn.

Oṣù mọ́kànlá ni Tansy rí. Nígbà tó yá, ó ń wúkọ́, kò sì fẹ́ búrẹ́dì mọ́. Fọ́tò àyà fi àwọn àmì róbótó funfun hàn ní ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì. Malachy wò ó, kò bèèrè pé ajá ta ni. Ó ní kí dókítà máa bọ̀ nílé ní ọ̀la, kí Tansy lè sùn lọ lórí àga gígùn ẹ̀.

Dókítà Kiely dé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Òjò ń rọ̀. Concepta gbé orí Tansy lé itan, Malachy jókòó sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ àga, ìwé ìdánimọ̀ wà nínú àpò ẹ̀. Dókítà kúnlẹ̀. Bó ti máa ń ṣe, ó na ọwọ́, ó ṣí etí òsì ajá náà, ó sì la ẹnu láti ka nọ́mbà ẹ̀.

Malachy fi ọwọ́ bo etí náà.

"Fi í sílẹ̀, Dókítà," ó ní. "Mo mọ̀ ọ́n."